Fótósẹ́ẹ̀lì tàbí táímà, aláàmù oníbátìrì tàbí oníwáyà: lẹ́tà oníṣọ́ọ̀bù kan sí oníná

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra iná tó ń tan ara rẹ̀ àti aláàmù ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ ọjà fún oníná. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ, bí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Kábà ṣe lè kọ ọ́:

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí gúlóòbù méjì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù máa tàn fúnra wọn bí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n sì kú bí ilẹ̀ bá mọ́, kódà bí iná bá lọ tó tún dé lóru. Lẹ́yìnkùlé, kí iná tàn kìkì nígbà tí èèyàn bá débẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú, irin ni, alápá méjì. Ti ẹ̀yìn, pákó ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́yìn tí mo ti lọ, kí aláàmù ké, kó má dákẹ́ bí wọ́n bá pa á dé padà, kó sì ké bí wọ́n bá gé wáyà rẹ̀. Bátìrì ìnfátà mi jẹ́ fóòtì 12, ámpíà-wákàtí 100. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ owó ọjà sọ́tọ̀, owó iṣẹ́ sọ́tọ̀.”

Ní ti iná iwájú, táímà oníyìípo lówó díẹ̀, àmọ́ iná mànàmáná ló ń yí aago rẹ̀. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, aago náà á fi wákàtí mẹ́ta rẹ̀yìn, gúlóòbù yín á sì máa tàn lọ́sàn-án. Táímà tó ní bátìrì nínú kò ní ìṣòro yìí. Fótósẹ́ẹ̀lì ò tilẹ̀ nílò aago. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń wò. Òun ni èmi yóò rà fún iwájú. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìmọ́lẹ̀ gúlóòbù fúnra rẹ̀ bá ń ta sí i lójú, á pa á, á tún tàn án, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí oníná gbé e sókè gúlóòbù, kó dojú kọ ibòmíràn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú rẹ̀, torí bí eruku bá bò ó, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ ṣírò ohun tí yóò jẹ lára bátìrì. Gúlóòbù wáàtì 9 méjì fún wákàtí 12 jẹ́ wáàtì-wákàtí 216. Bátìrì ti lẹ́tà yìí ní nǹkan bí 1,200, ṣùgbọ́n ẹ má lo ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé iná iwájú nìkan á gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ lè lò lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ooru ara tó ń rìn fi dára jù fún ẹ̀yìnkùlé. Ó tètè ń mọ ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí wọ́n gbé e sí. Ewúrẹ́ náà á máa tan iná yìí, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Aláàmù ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Èyí kékeré oníbátìrì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kò wọ́n, kò sì nílò oníná. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn gan-an: olè á nawọ́, á já a, ó parí. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ẹnikẹ́ni lè má mọ̀. Mo lè gbà á fún yàrá inú, kì í ṣe fún ilẹ̀kùn ìta.

Ti oníwáyà, òòfà wà lára ilẹ̀kùn, súwíìṣì wà lára férémù, síréènì wà lókè níbi tí ọwọ́ ò dé. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, iná kékeré ń gba inú wáyà kọjá. Bí òòfà bá kúrò tàbí wáyà bá já, iná yẹn á dá, aláàmù á ké. Orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí súwíìṣì lè ṣì yín lọ́nà, torí náà ẹ ní kí oníná fi mítà dán súwíìṣì wò níwájú yín: bí òòfà bá sún mọ́ ọn, kí mítà dún, bó bá kúrò, kó dákẹ́. Irin máa ń dín agbára òòfà kù, nítorí náà ilẹ̀kùn iwájú nílò irú tí a ṣe fún ilẹ̀kùn irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Èyí kékeré tó wà fún pákó á tó fún ẹ̀yìn.

Kí aláàmù ní bátìrì tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ìnfátà. Bí ó bá ń fa ámpíà 0.05 nígbà tó dákẹ́, ìdajì bátìrì ámpíà-wákàtí 7 á gbé e fún nǹkan bí wákàtí 70. Kí ẹ tó sanwó tó kù, ẹ tan aláàmù, ẹ pa iná mànàmáná àti ìnfátà, kí oníná wá tú wáyà súwíìṣì kan. Bí síréènì ò bá ké, iṣẹ́ ò tíì parí.