Sáìnbọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ nínú àwòrán AI: ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi ń tún un ṣe, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún?

Tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni l'Ákùúrẹ́ báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ AI ni yóò fi yà á. Ilé á dúró dáadáa, ògiri á dán, òdòdó á wà níwájú, àmọ́ ẹ wo sáìnbọ́ọ̀dù ọ̀hún ná. Ìyá kan tó ń ta aṣọ nítòsí Ọjà Ọba gbé tiẹ̀ wá hàn mí. ILÉ AṢỌ ÒKÈ ló ní kí wọ́n kọ, ILE AZO OKKE ló jáde, 17 tó wà lára géètì sì ti di 1T. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni dísáínà tún un ṣe, bí ibì kan ṣe ń dáa ni ibòmíì ń bàjẹ́.

Ẹ̀rọ yẹn ò kọ̀wé o, ohun tó jọ ìwé ló ń yà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fún àwòrán pọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, píksẹ̀lì 8 níbùú, 8 lóòró, á di ojú kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìyá yẹn: àwòrán yẹn fẹ̀ tó píksẹ̀lì 1024, sáìnbọ́ọ̀dù ò ju 150 lọ nínú ẹ̀, lẹ́tà mẹ́sàn-án pẹ̀lú àlàfo méjì ló wà níbẹ̀, á jẹ́ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ò ju píksẹ̀lì 14 lọ, ojú méjì ò tiẹ̀ pé. Àmì abẹ́ Ṣ ńkọ́, bíi píksẹ̀lì kan tàbí méjì! Tí ògiri bá yẹ̀ bí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àmọ́ tí lẹ́tà bá yẹ̀, ó ti di lẹ́tà mìíì nìyẹn. Ẹ tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ díẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ wa ní lẹ́tà-lẹ́tà, ègé-ègé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé, wọn ò mọ sípẹ́lì. Àwọn tó ń kun sáìnbọ́ọ̀dù nílé níbí gan-an sì sábà máa ń fo àmì, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ rí kọ́?

Ọ̀nà kìíní ni kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ tó mọ̀wé kọ ju àwọn yòókù lọ, bí Ideogram tàbí èyí tó wà nínú ChatGPT. Orúkọ kúkúrú tí kò lámì, tó tóbi lójú àwòrán, wọ́n á kọ ọ́. Ó yá, owó ẹ̀ sì kéré. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ilé kan náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà lè yí padà, torí ó ń tún gbogbo ẹ̀ yà ni.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé ibi sáìnbọ́ọ̀dù jáde, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ̀rọ tún ibẹ̀ nìkan yà, kí wọ́n wá dá a padà. Lẹ́tà tó jẹ́ 14 tẹ́lẹ̀ á di 56, ojú méje gbáko. Ti nọ́ńbà ilé, ó máa ń ṣiṣẹ́, 17 ìyá yẹn já gaara lẹ́ẹ̀kejì. Ṣ lásán ni ò gbà, S ló ń jáde ṣáá.

Ẹ̀kẹta lèmi máa ń sọ fún èèyàn pé kó sanwó fún: kí ẹ̀rọ ya bọ́ọ̀dù láìkọ nǹkan kan sí i, kí èèyàn wá fọwọ́ tẹ orúkọ lé e. Nínú GIMP, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ọ̀fẹ́ ni, mo tẹ ILÉ AṢỌ ÒKÈ pẹ̀lú fọ́ǹtì Noto Sans, mo mú Perspective, mo fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́tà náà bá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ọ̀dù. Lẹ́tà ẹ̀ pupa, bọ́ọ̀dù funfun, mo wá yí léyà náà, ìyẹn ìpele tí lẹ́tà wà lórí ẹ̀, sí Multiply kí òjìji igi tó wà lára bọ́ọ̀dù lè hàn lára lẹ́tà pẹ̀lú. Ó kù síbì kan: lẹ́tà yẹn mú jù, bíi sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fótò, àfìgbà tí mo fi Gaussian Blur díẹ̀, kò tó píksẹ̀lì kan, ló tó bára mu. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹ̀ gbà. Tó bá jẹ́ lẹ́tà irin tó yọ síta lára ògiri lẹ fẹ́, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí èèyàn á fọwọ́ ya òjìji lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síbi tí oòrùn inú àwòrán dojú kọ.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́ǹtì olówó iyebíye o. Ẹ ní kí wọ́n tẹ Ọ̀ṣẹ́ fún yín kẹ́ ẹ tó gbà á, tí àmì bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí àpótí òfìfo bá jáde, kò gba Yorùbá nìyẹn.

Tí iṣẹ́ bá dé, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà kan náà níbi méjì. Nínú ILÉ AṢỌ ÒKÈ, tí bọ́ọ̀dù bá kọjú sí yín gan-an, É àti È gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, àmì orí wọn nìkan ló yàtọ̀. Tí E kan bá sanra ju èkejì lọ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló yà á, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tẹ́ ẹ máa fún dísáínà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì, ẹ má fi fóìsì nóòtì sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gba fáìlì .xcf tàbí .psd, èyí tí léyà kọ̀ọ̀kan ṣì dá wà nínú ẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ .jpg, torí ìyá yẹn ti ń wá ṣọ́ọ̀bù kejì sí Alágbàká, nọ́ńbà ibẹ̀ nìkan la máa pààrọ̀.