Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dá ìbéèrè mi padà kí wọ́n tó fa káàdì: àgbéyẹ̀wò ìjókòó táróòtì oníṣẹ́jú 45

Ìṣẹ́jú 27 nínú ìṣẹ́jú 45 tí mo sanwó fún ti kọjá kí ìyá tó ń ka káàdì táróòtì fún mi tó bẹ̀rẹ̀ kíkà gan-an. Ìbínú ọjọ́ náà ni mo fi jókòó láti kọ àgbéyẹ̀wò yìí. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa káàdì 78 tó wà nínú àpò tàbí bí àwòrán wọn ṣe dára tó, nítorí ẹni tó bá ń wá irú iṣẹ́ yìí ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo owó mi lọ.

Wọ́n máa ń ní kí oníbàárà kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìjókòó tó pé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò olórí ẹ̀ka kan lọ̀ mí níbi iṣẹ́, mo sì kọ ọ́ báyìí pé: “Ṣé kí n gba ipò tuntun yìí ni, àbí kí n dúró síbi tí mo wà, ṣé wọn yóò sì mọyì mi níbẹ̀?” Akọ̀wé wọn dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ìbéèrè yín kò tíì ṣeé fa káàdì sí.” Mo tún un kọ pé: “Báwo ni ọjọ́ iwájú mi yóò ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́?” Gbólóhùn kan náà ni ó tún fi dá mi lóhùn, kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kọ ọ́ pé: “Kí ló dé tí ọ̀gá mi kì í fi ojú rere wò mí?” Bákan náà ni. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi, ó ní màmá yóò ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ ìjókòó. Bí ẹnikẹ́ni ṣe lè máa dá iṣẹ́ padà fún ènìyàn láìsọ àṣìṣe inú rẹ̀ kò yé mi títí di òní, ó sì dùn mí gan-an, nítorí àlàyé ìlà mẹ́rin péré ni ìbá gba ìṣẹ́jú 27 yẹn là.

Mo kí màmá nígbà tí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ lórí ìpè, mo sì sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé inú mi kò dùn. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí a fa káàdì kan sí ìbéèrè mi àkọ́kọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, kí n lè fojú ara mi rí i. Mẹ́jọ Ife ni ó jáde, ìyẹn káàdì tí ẹnì kan ti kẹ̀yìn sí ife mẹ́jọ tí a tò sílẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn lọ lábẹ́ òṣùpá. Màmá wá bi mí pé: “Ibi wo ni ẹni yìí ń fi sílẹ̀? Ṣé ibi iṣẹ́ yín àtijọ́ ni, tó túmọ̀ sí pé kí ẹ gba ipò náà? Àbí ipò tuntun ọ̀hún ni ó kẹ̀yìn sí? Àbí àwọn tí kò mọyì yín ni?” N kò lè dáhùn. Káàdì náà kò ṣókùnkùn rárá; èmi ni mo di ìbéèrè mẹ́ta pọ̀ sínú ẹyọ kan, tí kò sì sí ohun tó lè fi hàn wá èwo ni ó dá lóhùn. Wọ́n fi kún un pé káàdì kan kò ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú fúnra rẹ̀, àfi tí a bá ti pinnu ṣáájú ohun tí a óò kà sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbéèrè mi kejì kò ní ààlà: kò sí ọjọ́ nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó, káàdì yòówù tó bá jáde ni yóò bá a mu. Ti ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù láti gbọ́, nítorí mo ti gbà pé òótọ́ ni pé ọ̀gá mi kò fẹ́ràn mi kí n tó béèrè ìdí rẹ̀, káàdì yóò sì kàn máa wá ìdí fún ohun tí ó lè máà ṣẹlẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, inú ẹlòmíràn ni mo ń béèrè, kì í ṣe ohun tó wà ní ìkáwọ́ mi.

Wọ́n wá bi mí ní ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì. Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n bi mí pé ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Mo ní ọ̀gá mi. Wọ́n tún bi mí pé kí ni n óò ṣe lọ́tọ̀ bí ìdáhùn bá jáde báyìí tàbí bó bá jáde lọ́hùn-ún. Mo dákẹ́ pẹ́, nítorí n kò tíì rò ó débẹ̀ rí, ibẹ̀ sì ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ohun tí a jọ kọ sórí ìwé nìyí: “Kí ni mo gbọ́dọ̀ bá ọ̀gá mi sọ nípa ipò yìí kí n tó fèsì ní ọjọ́ Ẹtì?” Káàdì mẹ́ta ni a óò fà, a sì kọ iṣẹ́ àyè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí a tó po káàdì pọ̀: àkọ́kọ́, ohun tí n kò kíyè sí nínú ipò náà, èkejì, ohun tí mo gbọ́dọ̀ béèrè fún, ẹ̀kẹta, bí mo ṣe gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀. Màmá dán an wò lójú mi. Wọ́n ní kí n rò ó pé Ilé Ìṣọ́, ilé gíga tí mànàmáná ń wó lulẹ̀, bọ́ sí àyè kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ ohun tí yóò túmọ̀ sí níbẹ̀. Mo rí ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ ní àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní bí mo bá sọ ohun kan náà fún méjì nínú wọn, a óò tún ìbéèrè náà kọ.

Mẹ́wàá Ọ̀pá ni ó kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin tó tẹ̀ sábẹ́ ẹrù ọ̀pá mẹ́wàá. Ní àyè ohun tí n kò kíyè sí, kò gba àlàyé púpọ̀: n kò tíì bi ẹnikẹ́ni bóyá wọn yóò gba iṣẹ́ àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Ìdájọ́ Òdodo, pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti idà rẹ̀, bọ́ sí àyè ohun tí mo gbọ́dọ̀ béèrè fún, a sì kà á sí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀kan Idà ni ó parí rẹ̀: kí n sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni kíkà náà gbà. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo bi ọ̀gá mi, ó sì jẹ́wọ́ pé n óò máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ohun tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn tẹ́lẹ̀. Mo gba ipò náà lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé oṣù mẹ́ta kò ní kọjá.

Èmi kò sọ pé káàdì mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá mi. Ìbéèrè náà ni ó jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí mo lè lọ wádìí lọ́jọ́ kejì kí n sì mọ̀ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ kò lè fún mi ní irú èyí láé, kódà bí káàdì kan náà bá jáde.

Ṣùgbọ́n aago kò yẹ kó máa ka nígbà tí a ń tún ìbéèrè kọ. Nígbà tí aago lu 45, mo ṣì ní ìbéèrè kan nípa Ìdájọ́ Òdodo, akọ̀wé sì gé ìpè náà sí mi lẹ́nu. Mo kọ̀wé sí wọn lórí rẹ̀. Ìdáhùn tí mo rí gbà ni pé bí ìlànà ṣe rí nìyẹn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìjókòó mìíràn ní oṣù tó ń bọ̀, ìbéèrè mi sì ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú àyè mẹ́ta àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí.