Áàpù tó ń ka lébẹ̀lì oúnjẹ: bó ṣe bá mi ka iyọ̀ oúnjẹ ìyá mi

Áàpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ẹ ó ya fọ́tò tábìlì èròjà aṣaralóore tó wà lára ọ̀rá tàbí páálí oúnjẹ, yóò ka nọ́ńbà inú rẹ̀ jáde, yóò wá bi yín pé mélòó lẹ jẹ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti dá a lóhùn, ó ṣírò ohun tó wọ inú yín.

Ìdí tí mo fi gbé e sórí fóònù ni ìyá mi tí a jọ ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ní kí sódíọ̀mù, èròjà tó wà nínú iyọ̀, tí wọ́n ń jẹ má ṣe tó 2000 mílígíráàmù lójúmọ́. Iye yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà, ó sì bá iyọ̀ gíráàmù 5 mu. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju pé, nínú oúnjẹ tí Màámi jẹ láàárọ̀ yìí, mélòó ló ti lọ nínú 2000 yẹn?

Ìṣirò tí áàpù náà ń ṣe kò le rárá:

```
iye tí a jẹ = iye lórí lébẹ̀lì × (gíráàmù tí a jẹ ÷ gíráàmù `Serving size`)
```

`Serving size` ni ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kà sí oúnjẹ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà wà nínú bí áàpù ṣe ń rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n fi núdù tí a rà ní ọjà Òkè-Ajé ṣàlàyé.

Ọ̀rá núdù náà wọn gíráàmù 120. Lára rẹ̀, wọ́n kọ `Serving size 60 g`, sódíọ̀mù 840 mílígíráàmù. Ẹ kíyè sí i pé ìdajì ọ̀rá ni 60 yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ka ọ̀rá kan sí oúnjẹ ẹni méjì, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló sábà máa ń jẹ ẹ́ tán láàárọ̀. Mo se gbogbo rẹ̀, Màámi jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún áàpù pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rá ni wọ́n jẹ, ó ní 630 mílígíráàmù. Inú mi ìbá dùn sí i, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti mú ọ̀rá kan bí ẹni pé `Serving size` kan ni, ó wá mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 840. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 120 ni gíráàmù 90. Tí a bá fi 60 pín 90, a ó rí 1.5. Ìlọ́po 840 lọ́nà 1.5 jẹ́ 1260 mílígíráàmù, ìlọ́po méjì ohun tí áàpù sọ. Ó kù 740 péré fún oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́. Ẹni tó bá gba 630 gbọ́ á rò pé àyè ṣì wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí ibi ètò rẹ̀ láti tẹ ìwọ̀n gbogbo ọ̀rá náà sí i fúnra mi kí n tó tẹ ohun tí wọ́n jẹ. Tí ẹ bá ti ṣe èyí, kì í tún ṣi í mọ́.

Ibi kejì ló jinlẹ̀ jù, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Áàpù náà ní kí a gbé abọ́ oúnjẹ sórí òṣùwọ̀n kí a tẹ ìwọ̀n rẹ̀. Núdù tí a ti sè ti mu omi. Gíráàmù 120 tó gbẹ di 360 nínú ìkòkò tèmi, tí omi rẹ̀ ti gbẹ tán. Tí mo bá wọn tinú abọ́ Màámi, gíráàmù 270 ni. Áàpù á fi 60 pín 270, á sì kéde 3780 mílígíráàmù sódíọ̀mù. Irọ́ ni, nítorí gbogbo ọ̀rá náà lódindi kò ní ju 1680 lọ. Ìwọ̀n tó wà lára lébẹ̀lì núdù yìí, ti gbígbẹ ni. Omi kò mú sódíọ̀mù wá, ó kàn fi kún ìwúwo ni.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ wọn gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò lẹ́yìn tó bá jinná, kí ẹ sì wọn tinú abọ́. 270 nínú 360 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìdá yẹn lẹ ó gbé padà sórí 120 tó gbẹ, yóò sì fún yín ní 90. Gíráàmù 90 yìí ni kí ẹ tẹ̀ fún áàpù. Bákan náà ni ti ìrẹsì inú ọ̀rá àti mọkaróòní. Àfi tí lébẹ̀lì bá sọ pé ti oúnjẹ tí a ti sè ni nọ́ńbà rẹ̀, nígbà náà ni ìwọ̀n tinú abọ́ ṣeé lò. Tí ẹ bá sì ṣẹ́ omi rẹ̀ dànù, tàbí tí ẹ kò da gbogbo èròjà inú ọ̀rá kékeré sí i, kò sí fọ́tò tó lè sọ iye tó lọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ sódíọ̀mù núdù wà nínú ọ̀rá kékeré yẹn. Ìdajì rẹ̀ ni mo ń dà sí ti Màámi báyìí, mo sì ń jẹ́ kí áàpù kà á bí odindi. Ó sàn kí ó pọ̀ lórí fóònù ju kí ó pọ̀ nínú ara wọn.

Kíkà fọ́tò ńkọ́? Ó dára lórí páálí, kò dára tó lórí ọ̀rá tó ń dán, pàápàá tí iná fóònù bá tàn sí i. Ẹ tẹ́ ọ̀rá náà kó nà pẹrẹsẹ níbi ojúmọ́. Àmì kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà ló máa ń pàdánù jù. `Fat`, ìyẹn ọ̀rá inú oúnjẹ, jẹ́ gíráàmù 10.5 lórí lébẹ̀lì núdù yẹn, áàpù kà á sí 105. Oúnjẹ gíráàmù 60 kò lè ní ọ̀rá gíráàmù 105, nítorí náà ó rọrùn láti mọ̀. Ti sódíọ̀mù kò hàn bẹ́ẹ̀. Tí òpó méjì bá wà lára lébẹ̀lì, ẹ fi wọ́n yẹ ara wọn wò: 840 tí a fi 60 pín jẹ́ 14, 1400 tó wà ní òpó `per 100 g` tí a fi 100 pín náà jẹ́ 14. Tí wọn kò bá bára mu, ẹ tún fọ́tò yà.

Àléébù kan wà tó bí mi nínú. Páálí kúùbù ìsebẹ̀ wa kò kọ `Sodium`, `Salt` ló kọ: gíráàmù 50 nínú 100. Áàpù náà fi àpótí sódíọ̀mù sílẹ̀ lófo, ó sì ṣírò òfo náà bí òdo. Kúùbù! Ẹ fi 2.5 pín iyọ̀ kí ẹ tó rí sódíọ̀mù. 50 á di gíráàmù 20 nínú 100, èyí tó túmọ̀ sí 800 mílígíráàmù nínú kúùbù kan tó wọn gíráàmù 4. Ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tí a fi mẹ́ta sè ti gba 2400 kí a tó dé orí iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. A pín in fún ẹni mẹ́fà dọ́gba, 400 ló kan Màámi. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé kúùbù nìkan ni o rí kà ni? Ẹja ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹja tí a rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kò ní lébẹ̀lì, gààrí Ìjẹ̀bú inú kóńgò náà kò ní. Áàpù yìí kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì sọ pé òun lè ṣe é.

Fún oúnjẹ inú ọ̀rá, páálí àti agolo, mo ṣì ń lò ó, mo sì lè ní kí ẹlòmíì náà lò ó tó bá ní òṣùwọ̀n nílé. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n máa béèrè bóyá gbígbẹ tàbí sísè ni ìwọ̀n tí a tẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ `Salt` di sódíọ̀mù fúnra wọn. Wọ́n ti ṣàtúnṣe ti `Salt`. Ti gbígbẹ àti sísè ló kù.