Owó oṣooṣù àbí ọ̀fẹ́: èwo ló máa jẹ́ kí dátà 500 MB tọ́jọ́?

Bí dátà kékeré lẹ ń rà, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ máa san owó oṣooṣù fún áàpù orin, ẹ kọ́kọ́ wo bí orin ṣe ń jẹ dátà. Spotify ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ṣírò wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje:

| Ipò | Wákàtí 1 | Wákàtí 14 |
|---|---|---|
| Low (24 kbit/s) | 11 MB | 151 MB |
| Normal (96 kbit/s) | 43 MB | 605 MB |
| Very high (320 kbit/s) | 144 MB | 2,016 MB |

Ẹni tó ń gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ lè fi Low lo ọ̀sẹ̀ náà já, kí dátà sì ṣẹ́ kù fún nǹkan mìíràn. Àmọ́ ohùn rẹ̀ á ṣe bàìbàì, pàápàá níbi tí ìró bá ti ga. Fún ìwàásù tàbí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kò sí wàhálà. Automatic ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti dára ló ń gbé ìwọ̀n sókè, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ohun tí owó oṣooṣù ń rà fún yín gan-an ni àyè láti gba orin sórí fóònù. Orin 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin máa jẹ 144 MB ní ipò Normal, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà kejì tí ẹ bá gbọ́ ọ lèrè tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí orin kan náà lẹ ń gbọ́ lágbọ̀ọ́túngbọ́, ẹ sanwó. Bó bá jẹ́ orin tuntun lẹ ń wá kiri lójoojúmọ́, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa san án. Kí ẹ tó sanwó sì rèé, ẹ rí i dájú pé gbígba orin sílẹ̀ wà nínú ètò tí ẹ fẹ́ rà, torí àwọn ètò olówó pọ́ọ́kú kan ò ní in.

Ìwọ̀n gbígbà sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yí i lọ́tọ̀. Bí ó bá wà ní Very high, tí Download using cellular sì wà ní títàn, orin 50 yẹn á jẹ 480 MB, dátà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Ẹ pa á, kí ẹ fi Wáì-fáì gbà wọ́n. Ẹ sì máa ṣí áàpù náà pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn orin náà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Láti mọ̀ bóyá ìyípadà yín ràn, ẹ wo iye dátà tí áàpù náà ti jẹ nínú ètò fóònù yín, kí ẹ gbọ́ odindi orin márùn-ún oníṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ ò tíì gbọ́ rí, láìfo ìkankan, kí ẹ tún wò ó. Normal ò gbọdọ̀ kọjá 14 MB lọ púpọ̀. Bó bá sún mọ́ 48 MB, Very high ló ṣì wà.