Áńóòdù maginísíọ́mù oníkìlógírámù 7.7: ṣé ọdún 20 tí wọ́n kọ sí i pé?

Áńóòdù maginísíọ́mù kan, irú èyí tí wọ́n ti dì sínú àpò jípúsọ̀mù àti amọ̀ bẹntonáìtì, ni mo rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù irin tó gùn ní mítà 200, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 168, kí ó lè máa jẹrà dípò páìpù náà. Àpò rẹ̀ dára, wáyà rẹ̀ so pinpin, ṣùgbọ́n ọdún 20 tí ìwé inú rẹ̀ ṣèlérí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ojú páìpù náà lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà onígun mẹ́rin 106, ọ̀dà aláàbò sì wà lára rẹ̀. Mo gbà pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dà náà ti bó, àti pé mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan irin tó ṣí sílẹ̀ ń fẹ́ mílíáńpíà 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíáńpíà 42. Ó jọ pé irú iye yìí, ìyẹn áńpíà 0.042, ni olùtajà náà fi sípò I nínú ìṣirò T, iye ọdún tí áńóòdù yóò lò:

```
T = (W × C × U) / (I × 8760)
```

W ni kìlógírámù 7.7. C, iye áńpíà-wákàtí tí kìlógírámù kọ̀ọ̀kan ń mú wá, jẹ́ 1100, ìyẹn ìdajì 2200, nítorí pé maginísíọ́mù máa ń fi nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ ṣòfò. U jẹ́ 0.85, torí kì í jẹ tán kó tó di aláìwúlò. 8760 ni wákàtí inú ọdún kan. Èsì rẹ̀ jẹ́ ọdún 19.6.

Ibi tí àṣìṣe wà ni pé áńóòdù kò mọ ohun tí páìpù ń fẹ́. Ohun tí ilẹ̀ bá gbà láyè ló ń tú jáde. Mo fi ọ̀pá mẹ́rin wọn ilẹ̀ náà, mo rí 30 óòmù-mítà. Fún àpò tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 75, tó sì fẹ̀ ní 20, ìdènà rẹ̀ sí ilẹ̀ jẹ́ óòmù 15.3. Láàárín áńóòdù tó wà ní -1.75 fóltì àti páìpù tó wà ní -0.85, ìwọ̀n tí a ń wá kí irin má bàa jẹrà, ìyàtọ̀ 0.9 ló wà, tó fi jẹ́ pé mílíáńpíà 59 ni yóò jáde, tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọdún 14 péré.

Nígbà tí páìpù ti gba agbára náà tán, mo wọn mílífóltì 5.6 lórí résísítọ̀ 0.1 óòmù tó wà nínú òpó àyẹ̀wò, ìyẹn mílíáńpíà 56. Mo tú wáyà áńóòdù, mo sì ka mítà lójú ẹsẹ̀, kó tó rọlẹ̀: páìpù wà ní -0.90 fóltì ní ìfiwéra pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n kọ́pà sọ́féètì, ó ju -0.85 tí a ń wá lọ. Agbára àṣejù nìyẹn, áńóòdù ló ń san án.

Mo wá fi résísítọ̀ óòmù 6 sáàárín. Mílíáńpíà 41 ló kù, páìpù sì dúró sí -0.87. Lórí ìwé, ọdún 20 ti padà dé, àmọ́ mi ò fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀, torí pé bí agbára tí maginísíọ́mù ń tú bá ṣe kéré sí ni ìfiṣòfò rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bí ilẹ̀ bá sì rẹ gbingbin, mílíáńpíà náà yóò tún lọ sókè. Bí olùtajà bá kọ I tí òun lò sínú ìwé, màá tún rà á.