Bí YouTube Studio àti Google Forms ṣe fi ibi tí àlàyé wa ti rú àwọn ọmọ lójú hàn wá

Èmi ni mo ń bójú tó fídíò fún lẹ́sìnnì WAEC kan ní Adó-Èkìtì. YouTube la ń gbé ẹ̀kọ́ ìṣirò sí, Google Forms la sì fi ń ṣe kúìsì tó ń tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n wúlò fún wa gan-an, àmọ́ ọ̀kan láìsí èkejì lè ṣini lọ́nà.

Ẹ ṣí fídíò nínú YouTube Studio, kí ẹ tẹ Analytics. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń dá fídíò padà wò, ìlà gíráàfù á yọ sókè. Spikes ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú fídíò lọ́gì wa, ìlà yọ lẹ́ẹ̀mejì: níbi tí tíṣà ti kọ àwọn òfin lọ́gì sójú pátákó, àti níbi tó ti ń wá lọ́gì 0.00356. Ti àkọ́kọ́ ló ga jù. Ẹni tó bá wo gíráàfù nìkan á sọ pé òfin ni kò yé wọn. Kúìsì sọ nǹkan míì: gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbéèrè òfin. Ṣe ni wọ́n ń dá a padà kí wọ́n lè dà á kọ sínú ìwé.

Ìbéèrè orí lọ́gì 0.00356 ni wọ́n kùnà. Lọ́gì rẹ̀ ni 3̄.5514: kí ni ìyẹn já sí gan-an? Nínú ọmọ 40, àwọn 29 mú −3.5514. Ìdáhùn ni −2.4486, torí orí 3 nìkan ni báà wà: −3 + 0.5514. Google Forms máa ń to irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sábẹ́ Frequently missed questions, ṣùgbọ́n èyí tó là wá lójú ni àwòrán tó fi ìdáhùn tí wọ́n mú hàn. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe tí ọmọ lè ṣe lóòótọ́.

A padà síbi tí tíṣà ti ń wá lọ́gì náà nínú fídíò. “Báà mẹ́ta ni máínọ́ọ̀sì mẹ́ta,” ni tíṣà wí, ó sì kọjá sídìí tébù. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ò sọ pé .5514 ò ní máínọ́ọ̀sì o.” Ó tún un yà, ó kọ −3 + 0.5514 gbàgàdà. YouTube kì í jẹ́ kéèyàn fi fídíò tuntun rọ́pò èyí tó wà lórí líǹkì kan náà, nítorí náà líǹkì tuntun la pín. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn gba ìbéèrè náà dáadáa.

Bí àwọn tó ń wò ó bá kéré, ọmọ kan tó ń dá a padà léraléra lè gbé ìlà sókè. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nígbà náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ibi tí ìlà ò ti yọ rárá. Nínú 2̄.7 + 1̄.6, ọ̀pọ̀ kọ 4̄.3 dípò 2̄.3: wọ́n ka ení tí wọ́n gbé mọ́ àwọn tó ní báà. Kò sẹ́ni tó dá ibẹ̀ padà wò, torí wọ́n rò pé ó ti yé wọn. Kúìsì ni mo kọ́kọ́ ń ṣí báyìí, kí n tó wo gíráàfù.