Òkúta ẹfun tàbí láìmù: èwo ni kí ẹ rà fún omi kíkan inú kòtò ìwakùsà?

Bí ẹ bá wá ra ohun tí ẹ fẹ́ fi pa ásíìdì inú omi kòtò ìwakùsà ní Ọ̀jọ́ta, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún yín: òkúta ẹfun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, àti láìmù ẹlẹ́bu inú àpò kílò 25. Mo ti ra méjèèjì. Òkúta ẹfun ló jẹ owó mi.

Kòtò òjé àti síǹkì kan ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi ni mo ń kó ẹrù lọ bá. Òkúta ibẹ̀ ní páírìtì nínú, ìyẹn irin tó so mọ́ imí-ọjọ́. Kò ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wà á síta tí afẹ́fẹ́ àti òjò dé ara rẹ̀ ló di ásíìdì, tí irin sì yọ́ sínú omi. Ásíìdì yẹn náà ló ń yọ́ síǹkì kúrò lára òkúta.

A wọn omi náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ìyẹn lítà 172,800 lójúmọ́. Láàbù ní ásíìdì inú lítà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ mílígíráàmù 500 òkúta ẹfun. Ẹ sọ ọ́ pọ̀: ó tó kílò 86 lójúmọ́. Mo wá ṣírò pé tọ́ọ̀nù 30 á sìn wá fún ọjọ́ 347, láìsí ẹni tí yóò máa dúró tì í, láìsí jẹnẹrétọ̀. Mo sanwó tírélà, a dà á sí ojú gọ́tà, omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, omi tó ń jáde kan bí èyí tó ń wọlé. Mo fi òòlù fọ́ òkúta kan: inú rẹ̀ funfun, kò tíì dínkù rárá, ṣùgbọ́n ìpẹtà pupa ti bò ó yíká. Irin inú omi ló pàdé afẹ́fẹ́ nínú gọ́tà, tó le mọ́ ara òkúta, tí ásíìdì kò sì rí ẹfun jẹ mọ́. Ìṣirò mi tọ́. Ohun tí n kò ṣírò ni ìpẹtà.

Kódà kí ìpẹtà má sí, síǹkì ì bá ṣì ṣẹ́kù. Òkúta ẹfun kì í sábà gbé pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó máa ń wálẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, kọjá 7, bẹ́ẹ̀ síǹkì ń fẹ́ bíi 9 kó tó ya kúrò nínú omi. Láìmù dé ibẹ̀. Nínú ọ̀ràn wa, kílò 64 láìmù tó dára ló bá kílò 86 òkúta dọ́gba. A fi ìdámẹ́rin kún un nítorí ohun tí kì í yọ́ tán, ó di kílò 80, àpò mẹ́ta àti díẹ̀ lójúmọ́. Ẹ pò ó mọ́ omi kí ẹ tó máa ro ó sínú gọ́tà, kí ẹ sì dúró ní 9.5, torí bí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, alumíníọ́mù tó ti ya kúrò nínú omi á tún yọ́ padà.

Láìmù ní wàhálà tirẹ̀: ó ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ adágún tí yóò ti sinmi. Kọ́sítíìkì sódà yára jù ú, àmọ́ ó wọ́n, ó ń jó ara, ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í tètè rọ̀ sísàlẹ̀. Ti pàjáwìrì ni.

Ibi tí òkúta ẹfun ti yẹ wà: inú gọ́tà tí a bò mọ́lẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ́síjìn inú omi kò tó mílígíráàmù 1 ní lítà kan, tí alumíníọ́mù náà kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi tó mọ́ gaara tàn yín jẹ. Ẹ bu u sínú abọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, tí pH rẹ̀ sì wálẹ̀, irin ṣì wà nínú rẹ̀, ásíìdì sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra láìmù, ní pàtàkì nígbà òjò Èkó, ẹ má gba àpò tó wà nísàlẹ̀ pátá lórí ilẹ̀ títutù. Afẹ́fẹ́ ń sọ láìmù padà di ẹfun. Ẹ bu ṣíbí kan, ẹ kán fínígà sí i: láìmù tó dára kì í fi bẹ́ẹ̀ hó. Èyí tó bá hó gùdù ti di òkúta ẹfun tí ẹ fẹ́ fi owó láìmù rà.